Ohun Tí Olùkọ́ Fojú Rí: Lẹ́tà Ìjẹ́rìí fún Ẹni Tó Fẹ́ Kọ́ Ìmọ̀ Oúnjẹ Ẹran Ọ̀sìn

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọmọ wa ń forúkọ sílẹ̀ sí láti gboyè kejì nínú ìmọ̀ oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ló sábà máa ń fi owó ìwádìí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́ sọ́dọ̀. Owó yẹn ló fi ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ náà, òun náà ló fi ń fún un ní owó oṣù. Ọmọ náà ní tirẹ̀ yóò máa bọ́ ẹran, yóò máa wọn oúnjẹ, yóò máa kó ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹran jọ fún àyẹ̀wò, yóò sì máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ Kérésìmesì. Bí ó bá ṣèèṣì da oúnjẹ àhámọ́ kejì sínú àhámọ́ kẹta, tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ oṣù mẹ́ta lè ti bàjẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ tó fura.

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n yìí bá jókòó ti lẹ́tà tí olùkọ́ kan kọ láti Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn, ìbéèrè kan ló wà lọ́kàn rẹ̀ ju gbogbo ìyókù lọ: ṣé mo lè fi àwọn ẹran mi lé ọmọ yìí lọ́wọ́, kí ọkàn mi sì balẹ̀? Ìwé èsì ìdánwò kò lè dá a lóhùn, nítorí ẹni tó gba máàkì gíga nínú ìdánwò lè jẹ́ ẹni tí kì í tètè dé ibi iṣẹ́. Ìwé tí ọmọ náà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nípa ara rẹ̀ kò lè dá a lóhùn, nítorí kò sí ẹni tó máa kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀lẹ lòun. Olùkọ́ tó rí ọmọ náà láàárín àwọn adìyẹ ló ní ìdáhùn lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n rán lẹ́tà ìjẹ́rìí nìyẹn, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ kì í jẹ́.

Mo ti kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, mo sì ti jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń kà wọ́n. Èyí tó wọ́pọ̀ jù máa ń lọ báyìí: inú olùkọ́ dùn láti kọ̀wé yìí, akẹ́kọ̀ọ́ náà jẹ́ ọmọlúàbí, ó mọ ìwé, ó ní ìforítì, ó máa ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, ó sì lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, ó kẹ́kọ̀ọ́ jáde pẹ̀lú èsì tó dára, olùkọ́ gbà á lérò láìfi ohunkóhun pamọ́. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọ orúkọ ọmọ náà kúrò, tí ẹ fi ti ẹlòmíràn tó kọ́ ìmọ̀ òfin tàbí ìṣirò owó rọ́pò, lẹ́tà náà kò ní yí padà. Ẹni tó ń kà á yóò sì gbà pé olùkọ́ kò mọ ọmọ náà, tàbí pé ó mọ̀ ọ́n ṣùgbọ́n kò rí ohun kan pàtó sọ nípa rẹ̀. Èkejì burú ju èkíní lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, kí a lè rí ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ọdún márùn-ún ni ẹ̀kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì wa. Ní ọdún tó kẹ́yìn, ó ṣe pírójẹ́ẹ̀tì lórí èèpo ẹ̀gẹ́ gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ adìyẹ bírọ́ílà. Ọ̀rọ̀ tó nílàárí ni. Nàìjíríà ló ń pèsè ẹ̀gẹ́ jù lọ lágbàáyé, òkìtì èèpo rẹ̀ sì máa ń jẹrà lẹ́yìn ilé gàrí, nígbà tí owó àgbàdo ń dá àwọn tó ń sin adìyẹ lágara. Ṣùgbọ́n a kò lè kàn kó èèpo ka iwájú adìyẹ. Májèlé sáyánáìdì wà nínú èèpo tútù, nítorí náà a gbọ́dọ̀ sá a gbẹ dáadáa. Purotéènì inú rẹ̀ kéré sí ti àgbàdo, okùn inú rẹ̀ sì pọ̀ ju ti àgbàdo lọ, nítorí náà bí èèpo bá ti ń gba ipò àgbàdo, sóyà gbọ́dọ̀ máa pọ̀ sí i kí oúnjẹ náà lè dọ́gba.

Ọmọ náà ní adìyẹ 120. Ó pín wọn sí oúnjẹ oríṣi mẹ́rin: nínú èkíní, kò sí èèpo rárá, nínú èkejì, èèpo rọ́pò ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàdo, nínú ẹ̀kẹta, ìdá 30, nínú ẹ̀kẹrin, ìdá 45. Oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ní àhámọ́ mẹ́ta, àhámọ́ kọ̀ọ̀kan sì gba adìyẹ mẹ́wàá. Láràárọ̀, ó ń wọn oúnjẹ tó ń fún wọn. Lọ́jọ́ kejì, kó tó fún wọn ní tuntun, ó ń wọn èyí tó ṣẹ́kù nínú ọpọ́n ìjẹun. Ó ń yọ àṣẹ́kù kúrò nínú ohun tó fún wọn, èyí tó kù ni wọ́n ń pè ní iye tí adìyẹ jẹ. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń gbé àwọn adìyẹ fúnra wọn sórí òṣùwọ̀n.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ìwádìí, nǹkan kan kò yé e. Àwọn adìyẹ tó ń jẹ oúnjẹ kẹta, ìyẹn ti ìdá 30, dà bí ẹni pé wọ́n ń jẹun ju àwọn tí kò jẹ èèpo rárá lọ, síbẹ̀ wọn kò tóbi jù wọ́n. Nínú àhámọ́ tí kò ní èèpo, adìyẹ mẹ́wàá jẹ kílò 8.4 láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n sì fi kílò 4.6 kún ara wọn. Bí a bá pín 8.4 sí 4.6, a óò rí i pé nǹkan bíi kílò 1.83 oúnjẹ ni wọ́n fi sọ di kílò ẹran kan. Nínú àhámọ́ ìdá 30, wọ́n jẹ 9.3, wọ́n fi 4.5 kún ara. Ìyẹn jẹ́ 2.07. Ẹni tó bá ń sin adìyẹ mọ ohun tí ìyàtọ̀ yẹn ń ṣe fún àpò: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́rin kílò oúnjẹ tó ń ṣòfò lórí kílò ẹran kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìbá gba òǹkà yẹn bẹ́ẹ̀. Wọn ìbá kọ ọ́ sínú pírójẹ́ẹ̀tì pé èèpo ẹ̀gẹ́ kò ṣara lóore tó àgbàdo, wọn ìbá wá ìwé mẹ́ta tó sọ ohun kan náà, ó parí. Ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ tú èérún pákó tí wọ́n dà sílẹ̀ fún àwọn adìyẹ. Ó bá oúnjẹ níbẹ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́ tí wọ́n lọ̀ máa ń kúná bí ìyẹ̀fun. Nígbà tí adìyẹ bá ń fi ẹnu gbọ́n ọn, ó ń fò jáde nínú ọpọ́n, ó ń bọ́ sílẹ̀. Ohun tó dà sílẹ̀ kò sí nínú àṣẹ́kù tó ń wọ̀n, nítorí náà gbogbo rẹ̀ ni ìwé rẹ̀ ti kà mọ́ èyí tí adìyẹ jẹ.

Ó wá ike pẹlẹbẹ, ó fi sábẹ́ ọpọ́n ìjẹun ní àhámọ́ méjèèjìlá. Kò fi í sí àwọn àhámọ́ èèpo nìkan, nítorí bí a bá fẹ́ fi nǹkan wé nǹkan, ohun tí a bá ṣe fún ọ̀kan la gbọ́dọ̀ ṣe fún gbogbo wọn. Ó ń kó ohun tó bọ́ sínú ike náà jọ. Omi láti inú ohun ìmumi ti máa ń ta sí òmíràn, omi sì ń fi ìwúwo èké kún un, nítorí náà ó ń sá a títí yóò fi gbẹ bíi ti oúnjẹ inú àpò kó tó gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nínú àhámọ́ kan náà, òǹkà tún jẹ́ 9.3 bíi ti tẹ́lẹ̀, adìyẹ sì tún fi kílò 4.5 kún ara, ṣùgbọ́n kílò 0.9 ló wà nínú ike. Ohun tí adìyẹ jẹ ní tòótọ́ ni 8.4. Pín in sí 4.5, ó di 1.87. Ìyàtọ̀ ńlá tó wà láàárín èèpo àti àgbàdo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ẹ̀bi kò sí lára ohun tó wà nínú èèpo náà, bí wọ́n ṣe lọ̀ ọ́ ló fà á. Olùkọ́ rẹ̀ sọ fún un pé bí wọ́n bá fi epo pupa díẹ̀ pò ó nígbà mìíràn, eruku rẹ̀ yóò dínkù.

Ohun kan ṣì kù tó wọ̀ mí lọ́kàn ju ike náà lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá kó tó rí oúnjẹ tó ń dà sílẹ̀, kò sì sí bí a ṣe lè padà lọ wọn ohun tó ti bọ́ sínú èérún pákó. Ó lè fi ojú díwọ̀n rẹ̀, kó yọ 0.9 kúrò nínú ọ̀sẹ̀ méjèèjì, kí òǹkà rẹ̀ lè jọra, kò sì sẹ́ni tí ìbá mọ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kọ ọ́ gbangba sínú pírójẹ́ẹ̀tì pé òun kò tún òǹkà oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ṣe, ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Lẹ́tà ti wà nínú ìtàn yìí tán. Ohun tó kù ni kí olùkọ́ kọ ọ́ jáde. Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n àárín gbùngbùn rẹ̀ yẹ kó sọ nǹkan tó jọ èyí:

"Mo kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ méjì lórí oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, mo sì jẹ́ alábòójútó pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́wàá. Nínú ìwádìí rẹ̀ lórí èèpo ẹ̀gẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló kíyè sí i pé oúnjẹ tó ń dà sílẹ̀ ti wọ inú òǹkà ohun tí adìyẹ jẹ. Kó tó wá bá mi, ó ti fi ike sábẹ́ ọpọ́n ìjẹun kan láti wò ó bóyá òótọ́ ni. Nígbà tí a fi ike sí gbogbo àhámọ́, òǹkà oúnjẹ lórí kílò ẹran kan nínú àhámọ́ kan bọ́ láti 2.07 sí 1.87, èrò wa nípa gbogbo ìwádìí náà sì yí padà. Ó kọ ọ́ síta pé òun kò lè tún ti ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ṣe. Èmi kọ́ ni mo ní kó kọ ọ́."

Ẹ wo ohun tí gbólóhùn wọ̀nyẹn ń ṣe. Kò sí ibi tó ti sọ pé olóòótọ́ ni, tàbí pé ó ní làákàyè, tàbí pé ó ń ṣiṣẹ́ kára. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kà á ni yóò sọ ìyẹn fún ara rẹ̀. Òun náà ti rí oúnjẹ tó dà sílẹ̀ rí, ó mọ bí ó ṣe ń ba òǹkà jẹ́, ó sì ṣeé ṣe kó ti ní akẹ́kọ̀ọ́ kan rí tí kò kíyè sí i. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, pé èmi kọ́ ni mo ní kó kọ ọ́, olùkọ́ nìkan ló lè kọ ọ́, nítorí òun nìkan ló wà níbẹ̀.

Apá kejì tí lẹ́tà gbọ́dọ̀ gbé ni títú ìwé èsì ìdánwò wa fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọ yìí ní 4.12. Lójú wa, a mọ̀ pé nínú 5.00 ni, a sì mọ̀ pé 3.50 sí 4.49 ni sẹ́kọ́ọ̀ńdì kíláàsì ọ̀pá. Ṣùgbọ́n 4.00 ni òpin òǹkà ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá rí 4.12 láìsí àlàyé lè rò pé àṣìṣe wà nínú ìwé náà. Gbólóhùn kan tó: òǹkà wa parí sí 5.00, ìwọ̀nba akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ ló ń kọjá 4.50, ipò kẹrin ni ọmọ yìí sì wà nínú àwọn 61 tí wọ́n jọ jáde. Ipò nínú kíláàsì ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tí kò mọ òǹkà wa rárá.

Ọdún tún wà níbẹ̀. Ẹni tó wọlé láti ṣe ẹ̀kọ́ ọdún márùn-ún, tó wá lo ọdún mẹ́fà àbọ̀, yóò dà bí ẹni tó fìdí rẹmi ní kíláàsì kan. Ní ọdún 2020, àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Kẹta títí di oṣù Kejìlá. Ní ọdún 2022, wọ́n tún daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, láti oṣù Kejì títí di oṣù Kẹwàá. Bí olùkọ́ kò bá kọ ọ́, ọmọ náà ni yóò jìyà ohun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Ó sì dára kí olùkọ́ sọ ọ́ ju kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ sọ ọ́ lọ, nítorí lẹ́nu rẹ̀ yóò dà bí àwáwí.

Bákan náà ni máàkì C tó wà nínú ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì inú ara ní ọdún kejì. Kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n oúnjẹ ẹran ọ̀sìn tí kò ní wá ẹ̀kọ́ yẹn lọ, nítorí bí ara ṣe ń fọ́ oúnjẹ sí wẹ́wẹ́ tó sì ń lò ó ni ìpìlẹ̀ gbogbo iṣẹ́ náà. Àwọn olùkọ́ kan máa ń fò ó kọjá bí ẹni pé kò sí. Èmi kò fara mọ́ ọn. Bí ọmọ náà bá gba A nínú ẹ̀kọ́ oúnjẹ ẹran tó lo kẹ́mísìrì yẹn ní ọdún kẹrin tàbí ìkarùn-ún, kí olùkọ́ kọ àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí òǹkàwé fúnra rẹ̀ rí i pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ ìṣòro náà. Bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe dá àlàyé sílẹ̀ fún un.

Èyí ló mú wa dé ibi tó máa ń dẹ́rù ba àwọn olùkọ́ wa jù, ìyẹn sísọ ibi tí ọmọ kù sí. Ọ̀pọ̀ wọn gbà pé bí àwọn bá sọ àléébù kan, àwọn ti ba ọmọ náà jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ka ọ̀pọ̀ lẹ́tà mọ̀ pé kò sí ọmọ ọdún 23 tó mọ gbogbo nǹkan, nítorí náà lẹ́tà tí kò ní àléébù kankan kò ní ẹ̀rí kankan nínú. Àléébù tó yẹ ní sísọ ni èyí tó jẹ́ òótọ́, tó kan iṣẹ́ náà, tí ẹ̀kọ́ tó fẹ́ lọ kọ́ sì lè wò sàn.

Ọ̀kan wà tó kan púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ mọ iye purotéènì tó wà nínú oúnjẹ tàbí ìgbẹ́ adìyẹ, ó gbọ́dọ̀ fi ásíìdì líle sè é nínú láàbù, kó wá wọn náítírójìn tó jáde. Kẹ́míkà rẹ̀ wọ́n, ẹ̀rọ rẹ̀ kì í fi gbogbo ìgbà ṣiṣẹ́, iná mànàmáná sì lè lọ láàárín iṣẹ́. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń kó àpẹẹrẹ oúnjẹ wọn lọ sí láàbù tó ń gbowó, tí wọ́n á sanwó, tí wọ́n á sì padà lọ gba èsì. Wọ́n á kọ ọ́ sínú pírójẹ́ẹ̀tì bí ẹni pé àwọn ni wọ́n ṣe é. Bí olùkọ́ bá wá kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ọmọ náà mọ iṣẹ́ láàbù dunjú, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó bá débẹ̀ ni àṣírí yóò tú. Lẹ́yìn náà, ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn kò ní gba lẹ́tà olùkọ́ náà gbọ́ mọ́, akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni yóò sì fara gbá a.

Fún ọmọ inú àpẹẹrẹ wa, ohun tó yẹ kí olùkọ́ kọ ni pé: "Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn omi àti eérú inú oúnjẹ náà. Láàbù tó ń gbowó ló bá wa wọn purotéènì, nítorí ẹ̀rọ tiwa kò ṣiṣẹ́ lásìkò yẹn. Ó mọ ìlànà rẹ̀, ó sì lè ṣàlàyé rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò nílò ẹni tó máa tọ́ ọ sọ́nà nígbà àkọ́kọ́." Ọ̀jọ̀gbọ́n tó bá ka ìyẹn mọ ohun tó fẹ́ gbà sílé, ó sì mọ̀ pé ohun tí olùkọ́ sọ nípa ike ìsàlẹ̀ ọpọ́n ìjẹun náà yóò jẹ́ òótọ́.

Ta ló wá yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá? Ọ̀pọ̀ ló máa ń lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n tó lórúkọ jù ní ẹ̀ka náà, tàbí olórí ẹ̀ka, tó jẹ́ pé inú gbọ̀ngàn ńlá nìkan ló ti rí wọn, láàárín igba ènìyàn. Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ohun tó máa sọ ju ohun tó wà nínú ìwé èsì lọ. Dókítà tí kò tíì di ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n tó mọ ìgbà tí ọmọ náà ń dé ilé adìyẹ láàárọ̀, ló dára jù. Níbi tí wọ́n bá ti béèrè fún mẹ́ta, bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣe ní Amẹ́ríkà, kí alábòójútó pírójẹ́ẹ̀tì jẹ́ ọ̀kan, kí olùkọ́ tó kọ́ ọ ní ìṣirò ìwádìí tàbí kẹ́mísìrì jẹ́ èkejì, kí ẹni tó ṣe ọ̀gá rẹ̀ ní oko tàbí ilé iṣẹ́ oúnjẹ ẹran lọ́dún tó lọ kọ́ṣẹ́ jẹ́ ẹ̀kẹta. Báyìí, kálukú á jẹ́rìí ohun tó fojú ara rẹ̀ rí.

Kí ó tó ṣáájú ọjọ́ ìparí ní oṣù kan ó kéré tán ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ bá wọn. Àgbà ilẹ̀ wa kì í sábà sọ fún ọmọ pé "mi ò lè kọ ọ́." Ohun tó máa sọ ni "màá wò ó," tàbí "padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Bí ìyẹn bá ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ọmọ dúpẹ́, kó lọ bá ẹlòmíràn, nítorí lẹ́tà tí wọ́n fipá gbà kì í ní ẹran lára.

Ìdáhùn kan sì wà tó wọ́pọ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ á kan ilẹ̀kùn: "Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ bá mi kọ rẹ́fárẹ́ǹsì." Olùkọ́ á dáhùn láìgbójú sókè nínú ìwé tó ń máàkì: "Kò burú. Lọ kọ ọ́ wá, kí n bá ọ fọwọ́ sí i." Mo mọ ohun tó fà á. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn àwọn olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ jù wọ́n lọ, kò sì sí ẹni tó ń sanwó lẹ́tà fún wọn. Síbẹ̀, ó ń pa ọmọ lára ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè rí ara rẹ̀ láti ìta. Ọmọ inú àpẹẹrẹ wa lè má rántí ike náà rárá, nítorí lójú tirẹ̀ ohun kékeré ni. Yóò wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun jẹ́ ọmọlúàbí tó ní ìforítì. Bákan náà, ẹnu kan náà ni yóò wà nínú lẹ́tà àti nínú ìwé tó kọ nípa ara rẹ̀, títí kan gbólóhùn tó fẹ́ràn àti àṣìṣe tó mọ́ ọn lára. Àwọn tó ń ka méjèèjì lọ́jọ́ kan náà máa ń rí i. Bí wọ́n bá rí i, wọn kò ní pè é ní àìráyè olùkọ́. Ayédèrú ni wọ́n máa pè é.

Ọ̀nà àbáyọ wà tí kò ní gba àkókò olùkọ́ púpọ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe kọ lẹ́tà. Kí ó kó ohun èlò lẹ́tà wá. Ojú ìwé kan péré: orúkọ yunifásítì, orúkọ ẹ̀kọ́ àti ọjọ́ ìparí, àwọn ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ náà kọ́ ọ àti máàkì rẹ̀, àkótán pírójẹ́ẹ̀tì, àti ìṣẹ̀lẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí olùkọ́ lè ti gbàgbé, pẹ̀lú òǹkà wọn. "Sà, ẹ rántí oúnjẹ tó ń dà sílẹ̀ nínú àhámọ́ ìdá 30? Òǹkà rẹ̀ nìyí kí a tó fi ike sí i àti lẹ́yìn tí a fi sí i." Olùkọ́ tó bá rí ìyẹn níwájú rẹ̀ lè kọ lẹ́tà gidi láàárín wákàtí kan, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni yóò sì jẹ́.

Bí lẹ́tà ṣe ń lọ kò le. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ orúkọ àti ímeèlì olùkọ́ sínú fọ́ọ̀mù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, yunifásítì á sì fi ìjápọ̀ ránṣẹ́ sí olùkọ́ tààrà. Ímeèlì ilé-ẹ̀kọ́ ló yẹ kó jẹ́. Bí ímeèlì tí gbogbo ayé ń lò lọ́fẹ̀ẹ́ bá ni, àwọn kan kò ní gbà á, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá lè ṣí i ní orúkọ olùkọ́. Kí olùkọ́ wo inú àpótí tí àwọn ímeèlì tí kò nílárí ń bọ́ sí, nítorí ibẹ̀ ni ìjápọ̀ náà sábà máa ń há sí títí ọjọ́ á fi kọjá. Wọ́n á tún bi akẹ́kọ̀ọ́ bóyá ó yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ tí òfin ọdún 1974 kan ní Amẹ́ríkà fún un láti ka lẹ́tà náà lẹ́yìn tó bá ti wọlé. Kí ó yọ̀ǹda rẹ̀. Lẹ́tà tí ọmọ náà lè kà kì í níyì lójú àwọn tó ń yàn.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, fọ́ọ̀mù kan sábà máa ń wà tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ máàkì: nínú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ti kọ́, ṣé ọmọ yìí wà nínú ìdá márùn-ún tó ga jù nínú ọgọ́rùn-ún, tàbí ìdá mẹ́wàá, tàbí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà ti ń ṣubú. Olùkọ́ á máàkì ibi tó ga jù lọ ní gbogbo ìlà, láti orí òye títí dé orí bí ó ṣe ń kọ̀wé, nígbà tí lẹ́tà rẹ̀ sọ pé ipò kẹrin nínú 61 lọmọ náà wà, tó sì nílò ìrànwọ́ nínú láàbù. Kí máàkì bá ọ̀rọ̀ mu. Kẹrin nínú 61 wà nínú ìdá mẹ́wàá; kò sí nínú ìdá márùn-ún. Bí olùkọ́ bá ní ìdí láti gbé e sókè jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú iṣẹ́ ìwádìí, kí ó sọ ìdí náà nínú lẹ́tà.

Kí ó tó tẹ bọ́tìnnì, kí ó tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ti rí lẹ́tà tó gbóríyìn fún ọmọ kan gidigidi, tó wá parí pẹ̀lú orúkọ yunifásítì mìíràn tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sí. Mo sì ti rí èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kọ fún ọkùnrin, tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà fún obìnrin, tí ọmọ náà wá jẹ́ obìnrin nínú ìdajì ojú ìwé, ó jẹ́ ọkùnrin nínú ìdajì kejì. Kò yẹ kí ẹ̀sìn ọmọ, ipò òbí rẹ̀ tàbí bóyá ó ti ṣègbéyàwó wà níbẹ̀ rárá. Ojú ìwé kan sí méjì tó, lórí bébà tó ní orúkọ àti àmì ilé-ẹ̀kọ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìbuwọ́lù.

Bí ọ̀jọ̀gbọ́n náà bá fẹ́ràn ohun tó kà, yóò pe ọmọ náà sórí fídíò kí ó tó gbà á, inú lẹ́tà ni yóò sì ti mú ìbéèrè rẹ̀. Báwo lo ṣe mọ̀ pé oúnjẹ inú ike ti gbẹ tó? Kí ló dé tí o fi ike sí àhámọ́ tí kò ní èèpo? Ọmọ tó ṣe iṣẹ́ náà kò nílò ìmúrasílẹ̀ fún ìyẹn. Yóò sọ pé òun ń wọ̀n ọ́n, òun ń sá a, òun sì ń tún un wọ̀n títí òǹkà kò fi ní yí padà mọ́, àti pé oúnjẹ dà sílẹ̀ ní àhámọ́ tí kò ní èèpo náà, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni.